Bí a ṣe ń kọ ètò ìtọ́jú nọ́ọ̀sì fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá àtọ̀gbẹ irú kejì lára rẹ̀

Bí nọ́ọ̀sì bá kọ ọ́ sínú ètò ìtọ́jú pé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ga nítorí àtọ̀gbẹ, kò tíì rí nǹkan kan dì mú. Dókítà ti sọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì kò sì lè mú àtọ̀gbẹ kúrò lára ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ pé ṣúgà náà ga nítorí pé ẹlẹ́rìndòdò ni aláìsàn fi ń pa òùngbẹ, iṣẹ́ ti délẹ̀ nìyẹn. Ó mọ ohun tí yóò kọ́ ọ, ó mọ ohun tí yóò wọ̀n, ó sì mọ bí yóò ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ìtọ́jú ti ń bàjẹ́ nìyí: ìdí ìṣòro kò ṣe pàtó, nítorí náà ìtọ́jú tó tẹ̀ lé e kò bá ẹnì kan mu ju ẹlòmíràn lọ.

Aláìsàn kan ṣoṣo la ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a lè rí bí ìgbésẹ̀ kan ṣe ń bí èkejì.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kó ohun tó wà nílẹ̀ jọ

Ọkùnrin ọmọ ọdún 52 ni, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà. Ó ní láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni òùngbẹ ti ń gbẹ òun ṣáá, pé òun ń dìde tọ̀ nígbà mẹ́rin sí márùn-ún lóru, ojú òun sì ń rí bàìbàì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kílò 94, gíga rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 172. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 146/90. Ṣúgà rẹ̀ ní àárọ̀ kó tó jẹun jẹ́ 212 mg/dL, èyí tí wọ́n wọ̀n láàárín ọjọ́ jẹ́ 274, HbA1c rẹ̀ sì jẹ́ 9.1%. Kò sí kítóònù nínú ìtọ̀ rẹ̀, kídìnrín rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa: eGFR rẹ̀ jẹ́ 84.

Ààlà tí a fi ń mọ̀ pé ó ti di àtọ̀gbẹ ni 126 mg/dL sókè ní àárọ̀ láìjẹun, tàbí HbA1c 6.5% sókè, tàbí 200 mg/dL sókè nígbàkigbà lára ẹni tó ti ní àmì bíi òùngbẹ àti ìtọ̀ púpọ̀. Bí ẹ̀rọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ bá ń fi mmol/L hàn, ẹ fi 18 pín iye tó wà níbí: 212 yóò di bíi 11.8. Ẹ máa wo ojú ẹ̀rọ dáadáa kí ẹ tó kọ iye sílẹ̀, torí 11 lórí ẹ̀rọ kan jẹ́ ṣúgà tó ga, lórí ẹ̀rọ kejì ó jẹ́ ẹni tó ń kú lọ.

Dókítà ní kó lo mẹtifọ́míìnì miligíráàmù 500 pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kó máa lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó fi glimẹpiráìdì miligíráàmù 1 kún un, pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀.

Gbogbo èyí wà nínú fáìlì. Ohun tí kò sí nínú fáìlì ni nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wá. Ẹ má bi í bóyá ó ń jẹun dáadáa, torí kò sẹ́ni tí yóò sọ pé rárá. Ẹ jókòó, kí ẹ sì sọ pé: "Bàbá, láti ìgbà tí ẹ jí lánàá títí tí ẹ fi sùn, kí ni ẹ jẹ, kí ni ẹ mu? Ẹ sọ ọ́ fún mi lẹ́sẹẹsẹ." Báyìí ni ọkùnrin yìí ṣe sọ pé òun kì í jẹ oúnjẹ àárọ̀, torí kí ilẹ̀ tó mọ́ òun ti wà lójú ọ̀nà. Ó ń jẹ nǹkan díẹ̀ lọ́sàn-án, ó wá ń jẹ oúnjẹ ńlá lálẹ́, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìrẹsì tàbí búrẹ́dì. Nítorí òùngbẹ, ó ń mu ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́ta lójúmọ́, ìgò kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì lítà. Ṣúgà bíi gíráàmù 50 ló máa ń wà nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ kan. Nítorí náà gíráàmù 150 ló ń mu lójúmọ́, láìka oúnjẹ mọ́ ọn, ó sì rò pé omi lòun ń fi dí omi tí òun ń tọ̀ dànù.

Ẹ bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ irú kejì lè wà lára fún ọdún mélòó kan kí a tó rí i, nítorí náà iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ lè ti bàjẹ́ kí aláìsàn tó gbọ́ orúkọ àìsàn náà rárá. Okùn náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín tó ń tẹ̀ nígbà tí agbára rẹ̀ bá tó gíráàmù 10 la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ kọ́kọ́ fi kan ọwọ́ rẹ̀ kó mọ bó ṣe rí, kí ẹ wá ní kó dijú. Ẹ gbé okùn náà lé awọ ní òòró, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ká díẹ̀, ẹ mú un dúró fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí ẹ sì gbé e kúrò. Aláìsàn ni yóò sọ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ má bi í ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá kàn án, torí ìbéèrè yín ni yóò máa dáhùn, kì í ṣe okùn. Ẹ yẹra fún ibi tí awọ ti yi tàbí tó ní ọgbẹ́. Lára ibi mẹ́wàá tí a dánwò lẹ́sẹ̀ òsì ọkùnrin yìí, kò mọ̀ ọ́n níbi méjì, lábẹ́ àtàǹpàkò àti lábẹ́ ìpìlẹ̀ àwọn ọmọ ìka. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti là. Ẹ̀jẹ̀ ń lù dáadáa lókè ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ní òun máa ń bọ́ bàtà bí òun bá ń wa ọkọ̀, òun sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìwọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: sọ ìṣòro, ìdí rẹ̀ àti àmì rẹ̀

Ìdámọ̀ ìṣòro ti nọ́ọ̀sì ní apá mẹ́ta: ìṣòro fúnra rẹ̀, ohun tó fà á, àti ohun tí a rí tó fi hàn pé ó wà. Bó bá jẹ́ ewu ni, tí kò tíì ṣẹlẹ̀, apá kẹta kò sí; a ó kàn sọ ohun tó lè fà á. Mẹ́ta péré la mú fún ọkùnrin yìí.

Èkíní: ewu kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀ jù, nítorí pé ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ glimẹpiráìdì nígbà tí kì í jẹun láàárọ̀, tó sì ń wakọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Èkejì: ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga, nítorí pé ó ń fi ẹlẹ́rìndòdò pa òùngbẹ, oúnjẹ oníṣítáàṣì rẹ̀ sì kó jọ sí alẹ́. Àmì rẹ̀ ni 212 mg/dL láàárọ̀, HbA1c 9.1%, òùngbẹ àti ìtọ̀ òru.

Ẹ̀kẹta: ewu ọgbẹ́ ẹsẹ̀, nítorí pé ìmọ̀lára ẹsẹ̀ òsì ti dín kù, gìgísẹ̀ ti là, ó sì ń rìn láìwọ bàtà.

Ẹnì kan lè béèrè ìdí tí ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ fi ṣáájú ṣúgà tó ti ga gan-an. Ìwọ̀n àkókò ló fà á. Ṣúgà 212 tí kò ní kítóònù nínú máa ń gba oṣù àti ọdún kó tó ba nǹkan jẹ́. Ṣúgà 45 lára ẹni tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lè pa òun àti àwọn mìíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, oògùn tó lè fà á sì bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Ká ní mẹtifọ́míìnì nìkan ni dókítà kọ ni, ìṣòro yìí kò ní sí lórí ìwé rárá, torí mẹtifọ́míìnì nìkan kì í sábà já ṣúgà wálẹ̀ jù. Ẹ ka ìwé oògùn kí ẹ tó kọ ìdámọ̀ ìṣòro.

Ọ̀pọ̀ a máa kọ "àìní ìmọ̀ nípa àìsàn" gẹ́gẹ́ bí ìṣòro tó dá dúró. Bí fọ́ọ̀mù ibi iṣẹ́ yín bá béèrè rẹ̀, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ sọ ìmọ̀ tí kò ní gan-an. Ọkùnrin yìí mọ̀ pé ṣúgà kò dára fún alátọ̀gbẹ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹlẹ́rìndòdò tí òun ń mu ló ń fi kún òùngbẹ òun, àti pé oògùn àárọ̀ òun kò gbọ́dọ̀ wọnú láìsí oúnjẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àfojúsùn tí a lè wọ̀n

Ohun tí a bá fi mọ̀ pé ìṣòro wà la ó fi wọn àfojúsùn. "Aláìsàn yóò lóye àìsàn rẹ̀" kì í ṣe àfojúsùn, torí kò sẹ́ni tó lè wọn òye. Ẹ kọ ohun tí aláìsàn yóò ṣe tàbí iye tí a ó rí, àti ọjọ́ tí a ó wò ó.

Fún ìṣòro àkọ́kọ́: kó tó kúrò níwájú nọ́ọ̀sì lónìí, yóò sọ àmì mẹ́ta tí ṣúgà tó já wálẹ̀ máa ń ní, yóò sì sọ ohun tí yóò ṣe lẹ́sẹẹsẹ, láìwo ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní sí ìgbà kankan tí ṣúgà rẹ̀ yóò wà lábẹ́ 70 mg/dL.

Fún èkejì: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹlẹ́rìndòdò gẹ́gẹ́ bí ohun mímu ojoojúmọ́ yóò ti dáwọ́ dúró, kò sì ní dìde tọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lóru. Ní ọ̀sẹ̀ 12, ṣúgà àárọ̀ rẹ̀ yóò wà láàárín 80 sí 130 mg/dL, HbA1c yóò sì ti wá sí 7.5% tàbí kó dín. Ibi tí a ń lọ fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ìsàlẹ̀ 7%, ṣùgbọ́n HbA1c ń sọ ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta tó kọjá, kò sì bọ́gbọ́n mu láti béèrè pé kó dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún ẹ̀kẹta: ní ọ̀sẹ̀ méjì, yóò fi hàn wá bó ṣe ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka. Ní ọ̀sẹ̀ 12, gìgísẹ̀ rẹ̀ yóò ti jinná, kò ní sí ọgbẹ́ tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìtọ́jú

*Kí ṣúgà má bàa já wálẹ̀ jù.* Glimẹpiráìdì máa ń ti ẹran ara tó ń ṣe ínsúlíìnì kó máa tú u jáde, yálà oúnjẹ wà níkùn tàbí kò sí. Ohun àkọ́kọ́ tí a ó bá ọkùnrin yìí tò ni oúnjẹ àárọ̀. Ẹ má kàn pàṣẹ fún un pé kó máa jẹun láàárọ̀. Ẹ bi í pé aago mélòó ló ń jáde, ibo ló ti kọ́kọ́ ń dúró, kí ló lè gbé dání. Ó sọ pé òun máa ń dúró láago méje fún ìwọ̀n wákàtí kan. Ibẹ̀ ni oúnjẹ àti oògùn náà yóò ti pàdé, kì í ṣe ilé. Nọ́ọ̀sì kò ní yí oògùn padà fúnra rẹ̀. Yóò sọ ètò yìí fún dókítà, yóò sì gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí ohun tí aláìsàn yóò ṣe lọ́jọ́ tí kò bá rí oúnjẹ jẹ. Ìdáhùn dókítà ni pé bí kò bá sí oúnjẹ, kí glimẹpiráìdì ọjọ́ náà dúró. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ́ ọ ní àmì: ara gbígbọ̀n, òógùn tútù, àyà tó ń lù kìkì, ebi òjijì, òòyì, kí orí máa dàrú. Bí ó bá rí ọ̀kan, kó wọn ṣúgà rẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, kó mu ohun tó ní ṣúgà gíráàmù 15 tó ń yára wọ ẹ̀jẹ̀: ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò gidi, bíi mílílítà 150, tàbí omi èso bẹ́ẹ̀, tàbí ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin ṣúgà tí a pò mọ́ omi. Kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tíì kọjá 70, kó tún un ṣe. Bó bá ti kọjá, kó jẹ oúnjẹ, torí glimẹpiráìdì ṣì wà nínú ara, ṣúgà náà sì lè tún já lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, kó mu ún láìdúró.

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ wa lè tako ara rẹ̀ tí a kò bá ṣọ́ra. A ti sọ fún un pé kó yẹra fún ẹlẹ́rìndòdò, a tún ń sọ pé kó gbé e sínú ọkọ̀. Aláìsàn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ nìkan lè máa gbọ̀n kó sì máa kọ ohun tó lè gbà á là. Ẹ sọ ọ́ gbangba: "Ti ẹ bá ń mu ún nítorí òùngbẹ, ó ń pa yín lára. Ti ṣúgà bá já, oògùn ni." Ẹ kìlọ̀ fún un pé èyí tí kò ní ṣúgà nínú kò wúlò nígbà náà. Ṣokoléètì àti ìpápánu olọ́ràá náà kò yẹ, torí ọ̀rá ń dá ṣúgà dúró níkùn.

Nípa ọkọ̀: kó wọn ṣúgà kó tó gbéra àti ní bíi wákàtí méjì síra. Ẹ ní kó má gbéra bí kò bá tó 90 mg/dL, kó jẹ nǹkan ná. Bí àmì bá dé lójú ọ̀nà, kó pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó yọ kọ́kọ́rọ́, kó tọ́jú ara rẹ̀, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tí ṣúgà ti padà sípò, torí ọpọlọ máa ń pẹ́ ju ẹ̀jẹ̀ lọ kó tó bọ̀ sípò. Ẹ wá bá ẹni tó ń bá a rìn sọ̀rọ̀ pẹ̀lú: bí wọ́n bá bá a tó ti dákú, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Kí wọ́n dà á dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n pe ìrànwọ́ kíákíá.

Ohun kan wà tó ń tan àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ oògùn jẹ. Ara tí 250 ti mọ́ lára lè máa gbọ̀n bí ṣúgà bá yára wá sí 110, kí aláìsàn rò pé ó ti já. Ìdí nìyí tó fi yẹ kó wọ̀n ọ́n kó tó mu ohunkóhun, bí ẹ̀rọ bá wà. Bó bá jẹ́ 110, kó sinmi, kó jẹ oúnjẹ rẹ̀ lásìkò. Ara yóò mọ́ ọn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

*Kí ṣúgà tó ga wálẹ̀.* Omi ni yóò rọ́pò ẹlẹ́rìndòdò, láti òní. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo yìí ló máa mú ìyípadà wá jù fún ọkùnrin yìí, nítorí náà ẹ má fi ìmọ̀ràn mẹ́wàá mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: bí ṣúgà bá pọ̀ ju ohun tí kídìnrín lè dá padà, yóò bá ìtọ̀ jáde, yóò sì fa omi ara dání, omi tó lọ ló ń fa òùngbẹ, ẹlẹ́rìndòdò tí a fi pa òùngbẹ náà ló tún ń da ṣúgà sẹ́jẹ̀.

Fún oúnjẹ alẹ́, ẹ lo àwo rẹ̀. Ìdajì àwo á jẹ́ ewébẹ̀ tí kò ní ṣítáàṣì, ìdá mẹ́rin kan á jẹ́ ẹran, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà, ìdá mẹ́rin tó kù ni ìrẹsì tàbí búrẹ́dì yóò wà. Ẹ ní kó fi ọwọ́ fa ìlà sórí àwo òfìfo níwájú yín. Nǹkan tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni yóò rántí.

Wíwọn ṣúgà nílé: ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ kó tó jẹun, àti wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí ti ọkọ̀. Kó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ, kó gún ẹ̀gbẹ́ orí ìka, kì í ṣe àárín tó ní ìmọ̀lára jù. Bí èso tàbí ohun dídùn bá wà lórí ìka, iye tí yóò hàn yóò ga ju òtítọ́ lọ. Bí ọwọ́ bá ní omi, yóò là ẹ̀jẹ̀, iye yóò sì dín. Sítíríìpù tí a fi ìdérí rẹ̀ sílẹ̀ tàbí tí a gbàgbé sínú ọkọ̀ tó ń gbóná kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, èyí sì ṣe pàtàkì fún awakọ̀.

Fún mẹtifọ́míìnì, ẹ sọ fún un ṣáájú pé inú lè máa run ún, ìgbẹ́ sì lè máa ṣàn ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ó sábà máa ń lọ, pé lílò ó pẹ̀lú oúnjẹ máa ń dín in kù. Ẹni tí a kò sọ fún yóò dá a dúró fúnra rẹ̀, kò sì ní wí. Bó bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ gbuuru tí kò lè mú omi dúró níkùn, kó dá mẹtifọ́míìnì dúró, kó sì wá sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kó wá lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bí ṣúgà bá dúró lókè 300 tàbí tí orí rẹ̀ bá ń dàrú.

Ojú tó ń rí bàìbàì: ṣúgà tó ga ló ń yí bí dígí inú ojú ṣe rí padà. Bí ṣúgà bá ti ń wálẹ̀, ojú tún lè yí. Kó má tíì ra jígí tuntun títí ṣúgà yóò fi dúró fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìwé rán an lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú nísinsìnyí kí wọ́n wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, torí ìbàjẹ́ ibẹ̀ kì í ní àmì ní ìbẹ̀rẹ̀. Kó tó di pé ojú náà já gaara, kó má wakọ̀.

*Ẹsẹ̀.* Kó máa wò ó ní gbogbo alẹ́, kó lo dígí tàbí kó ní kí ẹlòmíràn bá òun wo àtẹ́lẹsẹ̀. Kó fi ìpara pa gìgísẹ̀, kó má fi sí àárín ọmọ ìka, torí omi tó bá dúró níbẹ̀ á mú kí awọ rà. Kó fi ọwọ́ wo inú bàtà kó tó wọ̀ ọ́. Kó má fi ẹsẹ̀ dán omi gbígbóná wò, kó lo ìgbọ̀nwọ́. Kó fi bàtà tó bò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó awakọ̀, kí ẹsẹ̀ má fi kan ilẹ̀ láìwọ̀ ọ́. Ẹ sọ fún un pé bí ó bá rí ọgbẹ́, kó má dúró de ìgbà tí yóò máa dùn ún, torí níbi tí ìmọ̀lára ti lọ, ìrora kì í wá.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ní kó kọ́ ẹ̀yin náà. "Bàbá, tí ara yín bá ń gbọ̀n lójú ọ̀nà, kí lẹ máa ṣe?" Ohun tó bá sọ ni kí ẹ kọ sínú ìwé, kì í ṣe pé "a kọ́ aláìsàn". Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bi ọkùnrin yìí, ó ní òun á sáré délé kí òun tó jẹun. A tún un kọ́, a tún un bi. Lẹ́ẹ̀kejì ló tó sọ pé òun á kọ́kọ́ pa ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìgbéléwọ̀n

Ìgbéléwọ̀n ń lo òṣùwọ̀n kan náà tí àfojúsùn lò. Ẹ kọ ọ́ pé ó dé ibẹ̀, ó dé apá kan, tàbí kò dé ibẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀rí tì í. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ padà sí ìdí ìṣòro kí ẹ tó fi ìtọ́jú tuntun kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé tó fi ń kọ iye sílẹ̀ fi ṣúgà àárọ̀ hàn láàárín 158 sí 174. Ó ń dìde tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóru. Ẹlẹ́rìndòdò ti dáwọ́ dúró. Àfojúsùn ọ̀sẹ̀ méjì ti èkejì ti pé. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà nínú ìwé náà: 62 mg/dL láago mọ́kànlá àárọ̀. Àfojúsùn àkọ́kọ́ dé apá kan: ó mọ ohun tó yẹ, ó ṣe é bó ti yẹ, ṣúgà padà sí 96, ṣùgbọ́n ó já.

Kí ló fà á? Kò gbàgbé oúnjẹ. Lọ́jọ́ náà, ibi tó ti máa ń dúró láago méje kún, ó sì kọjá. Ó lo oògùn rẹ̀ láago méje síbẹ̀, torí ó rò pé aago ni oògùn ń tẹ̀ lé. Ẹ̀kọ́ wa ti so oògùn mọ́ aago méje àti mọ́ oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ó wá mú aago. Nítorí náà a yí ìtọ́jú padà: oògùn náà yóò máa wà nínú àpò oúnjẹ, kò ní sí nínú àpò ẹ̀wù mọ́. Oúnjẹ ni yóò kọ́kọ́ wọnú, oògùn yóò tẹ̀ lé e. A sọ fún dókítà pé ṣúgà já sí 62, torí irú iye bẹ́ẹ̀ lè mú kó tún oògùn náà rò. Ó ní kó dúró bẹ́ẹ̀ ná, kí a sì wo ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ṣúgà náà kò tún já mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ 12, ṣúgà àárọ̀ wà láàárín 118 sí 129. HbA1c jẹ́ 7.4%. Àfojúsùn pé. Síbẹ̀ ẹ má pa fáìlì dé. Ṣúgà àárọ̀ bẹ́ẹ̀ nìkan kò lè mú HbA1c dé 7.4%, torí 7.4% dúró fún bíi 166 mg/dL ní ìpíndọ́gba. Nǹkan kan ga ní ìgbà mìíràn. Ẹ ṣí ojú ewé oúnjẹ alẹ́: 204, 211, 198, ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, nígbà tó yẹ kó wà lábẹ́ 180. Ẹlẹ́rìndòdò lọ, ṣùgbọ́n àwo alẹ́ ṣì kún fún ìrẹsì. Ìdí kejì tí a kọ sínú ìdámọ̀ ìṣòro ni a kò tíì yanjú, ìdí àkọ́kọ́ ló ti lọ. Ètò tuntun yóò dá lórí alẹ́ nìkan, pẹ̀lú àfojúsùn tuntun: lábẹ́ 180 lẹ́ẹ̀mẹrin nínú márùn-ún tó bá wọ̀n, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ìfúnpá rẹ̀ náà ṣì jẹ́ 142/88, èyí tí ètò yìí kò mú lọ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ, kó sì di ìṣòro tó dá dúró lórí ìwé.

Gìgísẹ̀ ti jinná. A tún fi okùn náílọ́ọ̀nù dánwò, kò mọ ibi méjì náà síbẹ̀. Ìmọ̀lára tó ti lọ kì í sábà padà, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ pé àfojúsùn kò pé. Àfojúsùn náà ni kí ọgbẹ́ má sí, kò sì sí. Ewu ẹsẹ̀ yóò wà lórí ìwé rẹ̀ títí láé, ẹ ó sì máa tún ẹsẹ̀ náà wò ní gbogbo ìgbà tó bá wá.